Bí òórùn lọ́fínńdà yín bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀
Kí ẹ tó lọ bá oníṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀ jà lórí lọ́fínńdà tuntun tí kò ta sánsán bíi ti àtijọ́, ẹ fín èyí tó kù nínú ìgò àtijọ́ sórí bébà funfun kan, kí ẹ fín tuntun sórí òmíràn, ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó gbóòórùn wọn. Òórùn bí ọsàn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni ooru, ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn máa ń tètè bà jẹ́ (ẹ sì mọ irú ooru tó ń mú n'Ìbàdàn). Bí méjèèjì bá wá jọra lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 náà, tí òórùn àkọ́kọ́ yẹn ti fò lọ, ti àtijọ́ ló ti gbó. Bí wọ́n bá ṣì yàtọ̀ gan-an, ẹ fi orúkọ àwọn èròjà tó wà lára páálí méjèèjì wéra. Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ti yí àpòpọ̀ rẹ̀ padà. Láti oṣù kẹta ọdún 2022, fún àpẹẹrẹ, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de lílíàlì, èròjà olóòórùn òdòdó, nínú àwọn ohun ìṣaralóge. Ìyàtọ̀ díẹ̀ bíńtín lè jẹ́ ti pé àkókò tí wọ́n pò wọ́n yàtọ̀ síra. Àmọ́ ọgbọ́n yìí ò lè fi ayédèrú hàn yín o, torí àwọn tó ń ṣe é máa ń da páálí kọ pẹ̀lú.