Bí a ṣe ń ṣírò ìyàtọ̀ owó ohun èlò àti owó òṣìṣẹ́

Ìyàtọ̀ tí à ń sọ níhìn-ín ni àlàfo tó wà láàárín owó tó yẹ kí a ná àti owó tí a ná gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Òdiwọ̀n wọn ni ìdajì kílò fúláwà fún búrẹ́dì kan, ₦1,200 ni kílò kan. Búrẹ́dì 20 ló yẹ kó jáde ní wákàtí kan, ₦800 sì ni owó wákàtí. Búrẹ́dì 1,200 ni wọ́n fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n 1,000 ni wọ́n rí ṣe. Wọ́n ra fúláwà 540 kílò ní ₦1,100 kílò kan, wọ́n sì lò ó tán. Iṣẹ́ gba wákàtí 60, ₦800 náà ni wọ́n san.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù nìyí. Àwọn ènìyàn á mú búrẹ́dì 1,200, wọ́n á ní 600 kílò ló yẹ, 540 la lò, a ti ṣẹ́ 60 kílò kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì 200 tí a kò ṣe kò lè jẹ fúláwà kankan. Iye tí a ṣe gan-an là ń wò: búrẹ́dì 1,000 yẹ kó gba 500 kílò, nítorí náà 40 kílò ló ṣòfò. Ti wákàtí tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Búrẹ́dì 1,200 yẹ kó gba wákàtí 60, 60 náà la lò, á wá dà bíi pé kò sí ìyàtọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, wákàtí 50 ló yẹ búrẹ́dì 1,000. Ẹ kọ iye tí a ṣe sókè ìwé kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Bíró pupa ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Ìyókù rọrùn. Ìlà kìíní ni ti owó tí a fi ra fúláwà, ìkejì ni ti iye fúláwà tí a lò, ìkẹta ni ti owó wákàtí, ìkẹrin ni ti iye wákàtí tí a lò:

```
(1,200 - 1,100) x 540 = ₦54,000 F
(500 - 540) x 1,200 = ₦48,000 A
(800 - 800) x 60 = ₦0
(50 - 60) x 800 = ₦8,000 A
```

F ni ìyàtọ̀ tó ṣe wá lóore, A ni èyí tó pa wá lára. Bí fúláwà bá ṣẹ́ kù ní sítóò, iye tí a rà là ń lò fún ìlà kìíní, iye tí a lò fún ìkejì.

Ẹ má tíì yin ẹni tó ra ọjà nítorí ₦54,000 yẹn. Fúláwà olówó pọ́ọ́kú lè má fà dáadáa: búrẹ́dì á wọlẹ̀, wọ́n á kó o dànù, wọ́n á tún òmíràn pò. Ibẹ̀ ni 40 kílò àti wákàtí 10 lè gbà lọ. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦56,000 ti lọ, ₦54,000 ló wọlé, a sì fi ₦2,000 pàdánù. Àmọ́ lẹ́tà A yẹn kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó lè jẹ́ pé ààrò ló bàjẹ́ tàbí pé iná lọ. Bí kò bá sí aago tó ń kọ àkókò iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fún olórí àwọn tó ń pò ó ní ìwé kékeré, kó máa kọ àkókò tí iṣẹ́ dúró àti ìdí rẹ̀. Ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ra fúláwà.