Alẹ́ẹ̀tì Wọlé, Owó Kò Wọlé: Ìbéèrè Àwọn Aláṣọ Gbági Lẹ́yìn Ìpàdé Ẹgbẹ́

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ tí mo ti bá àwọn aláṣọ sọ̀rọ̀ lórí gbájúẹ̀ orí fóònù, àwọn mẹ́ta bi mí ní ìbéèrè, mo sì dá wọn lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní: Àǹkárá ni mò ń tà ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Ẹnì kan láti Òṣogbo rí aṣọ lórí Wàsáàpù mi, ó ní òun ti sanwó. Alẹ́ẹ̀tì dún lóòótọ́, mo bá fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́, mi ò rí kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì. Níbo ni mo ti ṣì í?

Màmá, alẹ́ẹ̀tì lẹ gbà gbọ́, ẹ ò bi àkáǹtì yín léèrè. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni alẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè jókòó sílé, kó kọ èyí tó jọ ti báńkì, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Àwọn gbájúẹ̀ míì tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí orúkọ báńkì hàn lókè rẹ̀, tí yóò fi tò sábẹ́ àwọn ojúlówó alẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti ń gbà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ nínú ìpàdé pé kí ẹ máa yẹ orúkọ tó wà lókè wò. Orúkọ yẹn kò dá ẹnikẹ́ni láre.

Ẹ jẹ́ ká tú tiyín wò, ẹ ṣáà ti fi fóònù náà hàn mí. Aṣọ méjì, yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà, ₦15,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦31,000 lápapọ̀. Kí alẹ́ẹ̀tì tó dé, ₦12,400 ló wà nínú àkáǹtì yín. Bí owó yẹn bá wọlé, ohun tó máa wà níbẹ̀ kò lè ju ₦43,400 lọ. Kí ni alẹ́ẹ̀tì sọ? Ó ní ₦386,000 ló kù sí yín lọ́wọ́! Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ iye tó wà lápò yín, ó kàn méfò ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò kà á débẹ̀. Ẹ rí ₦31,000, ọkàn yín balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kà á, torí oníbàárà mìíràn ti dúró lójú ìsọ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹrù tó kúrò lórí pẹpẹ, ẹ ṣí ápù báńkì yín, kí ẹ wo ibi tí wọ́n to owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Bí kò bá sí dátà, ẹ fi síìmù tí báńkì mọ̀ yín mọ́ tẹ kóòdù tí wọ́n fi ń wo iye owó, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `*` tó sì ń parí pẹ̀lú `#`. Ẹ wò ó kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà àkáǹtì, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn tó bá ní òun ti sanwó. Iye tó fi lé ni owó tó wọlé. Àwòrán rìsíìtì tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ náà kò tó ẹ̀rí, àwọn ọmọdé ń ṣe é lórí fóònù.

Mo mọ̀ pé táńsífà tòótọ́ náà máa ń há sọ́nà nígbà míì. Kò yẹ ká sọ olóòótọ́ di olè. Bí ó bá ní owó ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ẹ ní kó fi ohun tí wọ́n kọ `Session ID` sí lórí rìsíìtì náà ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn ni, nọ́ńbà gígùn ni, ọgbọ̀n ni gbogbo rẹ̀, báńkì yín sì lè fi wá owó náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, aṣọ wà lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá ń pariwo pé dẹ́rẹ́bà ti fẹ́ gbéra, pé òde ọ̀la ni òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó pariwo.

Ní ti ẹrù tó ti lọ, nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà wà lórí ìwé wébíìlì. Bí ẹ bá tètè fura, ẹ pè é kó má gbé ẹrù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó dá a padà. Ẹ ó kàn san owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ ni. Láti gáréèjì Ìwó Road sí Òṣogbo kò ju bíi wákàtí méjì. Ìrọ̀lẹ́ tí ẹ tó mọ̀ yẹn ti pẹ́ jù, màmá mi.

Ẹnì kejì ní: Tèmi yàtọ̀. Owó wọlé, mo fojú ara mi rí i nínú ápù. Orúkọ ẹni tó sanwó kàn yàtọ̀ sí ti ẹni tó ra aṣọ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, báńkì ti àkáǹtì mi pa.

Ó ṣeé ṣe kí owó ẹlòmíràn ni ẹ gbà láìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: gbájúẹ̀ yóò lọ bá ẹnì kan pé òun ní fóònù tí òun fẹ́ tà tàbí ilé tí òun fẹ́ háyà fún un. Nígbà tí onítọ̀hún bá fẹ́ sanwó, nọ́ńbà àkáǹtì yín ni yóò fún un. Ẹ̀yin rí owó, ẹ kó aṣọ fún gbájúẹ̀. Ẹni tó sanwó retí fóònù títí, kò rí i, ó gba báńkì lọ. Àkáǹtì yín ni owó rẹ̀ wọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú.

Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí Wàsáàpù. Ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, àwòrán aṣọ, nọ́ńbà rẹ̀, ìwé wébíìlì, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka báńkì yín, kí ẹ kọ̀wé pé ọjà ni ẹ tà. Ó lè pẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dáhùn.

Kò ṣeé ṣe ká ní kí gbogbo ẹni tó sanwó jẹ́ ẹni tó rajà, ṣebí ọkọ ń sanwó fún ìyàwó, ọmọ ń sanwó fún ìyá. Èmi máa ń béèrè orúkọ ẹni tó máa sanwó kí n tó fi àkáǹtì ránṣẹ́. Bí orúkọ míì bá wọlé, tí owó náà sì pọ̀, mo máa ń ní kí ẹni tó san án bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó sọ ohun tó ń sanwó fún. Ẹni tó bá dá mi lóhùn pé “fóònù” tàbí “owó ilé” ti là mí lóye, mi ò ní fi aṣọ ránṣẹ́, màá ní kó gba báńkì rẹ̀ lọ kí wọ́n dá owó náà padà fún un. Ẹ sì ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ọjà orí fóònù, kí ẹ máa kó owó kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá tì í, kò ní ti owó ìsọ̀ yín mọ́ ọn.

Ẹnì kẹta ní: Ẹnì kan pè mí pé akọ̀wé ẹgbẹ́ ni òun, pé kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọ fóònù mi fún òun kí wọ́n lè fi mí sí gúrúùpù. Mo kà á. Wàsáàpù mi kò ṣí mọ́, ẹni náà sì ń fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi.

Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ yín. Gúrúùpù kò nílò rẹ̀ láé. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín forúkọ sílẹ̀ lórí Wàsáàpù padà báyìí báyìí. Kóòdù tuntun yóò wọlé, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò lé e jáde. Bí Wàsáàpù bá béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀, gbájúẹ̀ náà ló ti fi síbẹ̀, ẹ ó ní láti dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé láìsí i. Kí ẹ má dúró kí ẹ tó fi nọ́ńbà míì sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yáwó.

Ẹ̀yin tí wọn ò tíì ṣe é fún, ẹ lọ sí `Settings`, `Account`, `Two-step verification`, kí ẹ fi PIN tiyín síbẹ̀ kí ẹlòmíì tó bá yín fi í. Kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí yín o. Bí ọmọ yín ló bá bá yín ṣe é, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ PIN náà.