Bí mo ṣe dá ìlù inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan mọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, inú kásẹ́ẹ̀tì tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára ló ti gbà á, ó ní kí n bá òun wò ó, ṣé fújì ni àbí àpàlà.

Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ dá ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lóhùn, abẹ́ ẹ̀ ni mo tẹ́tí sí. Agídìgbo ń dún nísàlẹ̀ bíi béèsì, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Kò sí gòjé, sákárà ti jáde nìyẹn, kò sí gìtá, jùjú náà bá a lọ. Fújì kì í sábà lo agídìgbo. Tí àdàmọ̀, ìlù ọlọ́ṣán bíi gángan, bá ti wá ń dún lórí agídìgbo, àpàlà ni mò ń pè é, irú èyí tí Haruna Iṣọ̀lá ń kọ.

Ohun tí ìlù ń wí ló wá kù. Àdàmọ̀ tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, èyí tó ń tún nǹkan kan náà lù láì yí i padà, ẹ fi í sílẹ̀, èyí tí ohùn ẹ̀ ń lọ sókè sódò ló ń sọ̀rọ̀. Mo gbé e sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, mo fi Change Tempo dín ìyára ẹ̀ kù torí ìyẹn kì í yí ohùn padà, mo wá ń fi ẹnu súfèé tẹ̀lé e, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: re mi do mi do, ó sinmi díẹ̀, mi mi re re mi mi re. Níbi tí mi ti ń bọ́ sí do yẹn, ẹ ó gbọ́ tí ohùn ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀, onílù ló ń dẹ ọwọ́ lára ọṣán.

Ìlù ò ní kọ́ńsónáǹtì o, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Apá àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ “Owó là ń kà”, ó sì lè jẹ́ “Ilé là ń wò”, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dún. Apá kejì ló là á: “ká tó sọmọ lórúkọ”, ó bá a mu wẹ́kú, owó kíkà ò lè gbé ìyẹn. Mo tún dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ torí onílù máa ń dá akọrin lóhùn, lóòótọ́ ìdílé ẹnì kan ni akọrin ń kì lọ́wọ́ kí ìlù tó gbà á.

Àmọ́ òwe gbogbo ayé nìyẹn, onílù èyíkéyìí ló lè lù ú, kò lè sọ orúkọ orin fún wa. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́, torí akọrin àpàlà ò ní kọrin tán kó má dárúkọ ẹni tó ń kì, orúkọ yẹn la máa fi wá rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀.