Bí a ṣe ń ya fáríánsì owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára fáríánsì ìlò ọjà: àpẹẹrẹ ilé búrẹ́dì

Fáríánsì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tó yẹ kí nǹkan jẹ́ àti iye tó jẹ́ gan-an: ti owó ọjà ń wo iye tí wọ́n rà á, ti ìlò ń wo bí wọ́n ṣe lò ó tó. Ẹ jẹ́ ká mú fùláwà nìkan.

Kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ sítáńdáàdì yín sílẹ̀, bíi kí báàgì 50 kg kan di búrẹ́dì 100, kí owó báàgì kan sì jẹ́ ₦60,000. Ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì fojú bu 100 yẹn o, ẹ lọ dúró ti àwọn bẹ́kà, ẹ gbé fùláwà tí wọ́n ti pò sórí ìwọ̀n, kí ẹ sì yọ̀ǹda fún ìwọ̀nba tó máa ń dànù lójoojúmọ́.

Oṣù parí, ẹ rí i pé búrẹ́dì 10,000 jáde, báàgì 106 ni wọ́n lò, ₦57,500 ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tẹ́ ẹ ná jẹ́ ₦6,095,000, ó sì yẹ kó jẹ́ ₦6,000,000. ₦95,000 ló lé. Ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ bẹ́kà, àmọ́ ₦95,000 yẹn ò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó ọjà: ₦2,500 ló fi dín lórí báàgì kan, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 106, ó jẹ́ ₦265,000 tó wọlé fún wa, ti ẹni tó ń ra ọjà nìyẹn. Tó bá ra 130 tó sì ku díẹ̀ ní sítọ̀, orí 130 ni kẹ́ ẹ ti ṣírò tiẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á, kẹ́ ẹ wá kọ èyí tó kù sílẹ̀ ní ₦60,000.

Ó wá kan ìlò. Búrẹ́dì 10,000 yẹ kó gba báàgì 100, wọ́n lo 106, mẹ́fà ló lé. Ẹ fi ₦60,000 ṣírò mẹ́fà yẹn, kì í ṣe ₦57,500, torí bẹ́kà kọ́ ló ná ọjà náà, kò yẹ kí iye tí wọ́n rà á tún yí ẹjọ́ tiẹ̀ padà. Ó jẹ́ ₦360,000 tó lọ. Ẹ yọ ₦265,000 kúrò níbẹ̀, ₦95,000 yẹn náà ló máa kù.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kéèyàn fi ìlò wé ètò. Ká ní búrẹ́dì 12,000 lẹ ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn báàgì 120, ẹ máa rí 106 ẹ ó ní wọ́n ṣọ́ fùláwà ná, nígbà tó jẹ́ pé báàgì mẹ́fà ló ti ṣègbé. Iye búrẹ́dì tó jáde gan-an ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ lọ wo ìwé sítọ̀. Tí ìlò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí fùláwà olówó pọ́ọ́kú yẹn gẹ́lẹ́, tí búrẹ́dì ò wú dáadáa tí wọ́n ń dà á nù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rajà lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, àwọn bẹ́kà ló kàn ń jìyà ẹ̀. Tó bá ti ń lé ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ yẹ ìwọ̀n wò, ẹ yẹ ẹ̀rọ tó ń po fùláwà wò, kẹ́ ẹ sì ka báàgì tó wà ní sítọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó lè jẹ́ pé báàgì mẹ́fà yẹn ò dé ibi tí wọ́n ti ń pò ó rárá.