Ọ̀sẹ̀ Tí A Kì Í Lo Oògùn Ìfètò-sọ́mọ-bíbí

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tó ní họ́mónù méjì nínú, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ìsinmi rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Họ́mónù inú hóró ojoojúmọ́ máa ń mú kí ọpọlọ dín àṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ sí ilé ẹyin kù, tí ẹyin kankan kò fi ní gbó débi tí yóò jáde. Lẹ́yìn hóró 21, tí a bá dá a dúró fún ọjọ́ 7, họ́mónù náà á lọ sílẹ̀, awọ inú ilé-ọmọ á sì wó, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Kì í ṣe nǹkan oṣù gan-an, nítorí kò sí ẹyin tó jáde ṣáájú rẹ̀, ara kò sì nílò rẹ̀ láti fọ ìdọ̀tí kankan, bí àwọn kan ti máa ń sọ.

Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 7 yẹn, ilé ẹyin ti ń jí díẹ̀díẹ̀, hóró àkọ́kọ́ inú páálí tuntun ló sì máa ń dá a padà sẹ́nu oorun. Ká ní obìnrin kan gbàgbé hóró méjì àkọ́kọ́: ìsinmi ti di ọjọ́ 9, ẹyin sì lè jáde. Kí ó lo èyí tó gbàgbé kẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá di hóró méjì lọ́jọ́ kan, kí ó máa bá tòkù lọ bó ṣe yẹ, kí ó sì fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ 7. Bí ó bá ti ní ìbálòpọ̀ láàárín ìsinmi náà, kí ó tètè bi nọ́ọ̀sì nípa oògùn pàjáwìrì.