Ẹgbẹ̀rin ni àbí ẹgbààrin? Bí mo ṣe ka ojú-ìwé gbèsè kan tí wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ

Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí. Ìdílé kan ní Kàbbà ló ní tákàdá náà, ewé tí wọn ò dì pọ̀, wọ́n sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìlà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Èkíní àti ìkarùn-ún jẹ́ èdè Lárúbáwá: Bísímílà lókè, déètì nísàlẹ̀. Mẹ́ta àárín jẹ́ Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní àjàmí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn tó wà lókèèrè lè kà á.

Fọ́tò àkọ́kọ́ kò ṣeé lò. Wọ́n tan iná fóònù sí i, iná náà sì ti fọ́ àárín ewé funfun. Mo ní kí wọ́n tún un yà lẹ́bàá fèrèsé ní òwúrọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí fóònù dúró gangan lókè ewé. Fọ́tò kan fún gbogbo ojú-ìwé, mẹ́rin fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí etí ọ̀kan gun orí èkejì, kí ìlà kankan má baà bọ́ sí àlàfo.

Tàdáwà dúdú ni akọ̀wé fi kọ lẹ́tà, pupa ló fi kọ àwọn àmì fáwẹ́lì. Pupa yìí ti ṣá débi pé ojú lásán kò rí ìdajì rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di fọ́tò nínú kọ̀ǹpútà: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ohun tó pupa máa ń dúdú kedere nínú apá búlúù, ó sì máa ń pòórá nínú apá pupa. Nítorí náà mo yọ apá búlúù sọ́tọ̀, mo tún yọ apá pupa, mo sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

```
magick foto.jpg -channel B -separate +channel -auto-level bulu.png
magick foto.jpg -channel R -separate +channel -auto-level pupa.png
```

Ohun tó bá wà nínú `bulu.png` tí kò sí nínú `pupa.png`, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àmì fáwẹ́lì. Àbààwọ́n omi tó ti di àwọ̀ pákó náà máa ń dúdú nínú apá búlúù. Ẹ wo etí rẹ̀: àbààwọ́n kì í ní etí tó gún, àmọ́ ibi tí kálámù ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti gbé ọwọ́ máa ń hàn.

Kí n tó ka ọ̀rọ̀ kan, mo kọ́kọ́ wá bí akọ̀wé yìí ṣe ń kọ lẹ́tà rẹ̀, torí pé kò sí òfin kan tí gbogbo àwọn àáfà jọ ń tẹ̀ lé. Mo fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀: mo mọ̀ ọ́n lórí, nítorí náà ó ń fi hàn mí bí ọwọ́ akọ̀wé ṣe ń ya bá, sín àti mím. Fún fáà, tó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín ọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ló fi àmì rẹ̀ sí (ڢ), kì í ṣe òkè bí ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Lárúbáwá. Bí ọwọ́ àwọn àáfà ilẹ̀ wa àtijọ́ ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò pe fáà tí ihò rẹ̀ ti dí ní bá. Ní ìparí ọ̀rọ̀, kì í fi àmì kankan sí fáà rárá, bó ṣe wà nínú «mẹ́fà» ní ìlà kẹrin. Lẹ́tà méjì ló lò fún «gb»: غْب. Kò sí àmì ohùn níbì kankan.

Fáwẹ́lì ni wàhálà náà wà. Yorùbá ní fáwẹ́lì méje láìka àránmúpè, àmì mẹ́ta péré ni kéwú ní. Akọ̀wé yìí fi ìlà orí lẹ́tà kọ «a» àti «ẹ», ó fi ìlà ìsàlẹ̀ kọ «i» àti «e», ó sì fi àmì kékeré tó dà bí wáwù kọ «o», «ọ» àti «u». Kò fi àlífù kún ohùn gígùn nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí náà «gba» àti «gbàá» kò yàtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kì í fo láti lẹ́tà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìpele mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: lẹ́tà bó ṣe wà lórí ewé, lẹ́yìn náà gbogbo ohun tí lẹ́tà yẹn lè jẹ́ nínú Yorùbá, lẹ́yìn náà Yorùbá tí mo yàn pẹ̀lú àmì ohùn. Ìpele kejì ni iṣẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé owó inú ìwé yìí ní ìtumọ̀ méjì.

Ìlà kejì sọ pé ẹnì kan yá owó ẹyọ أَغْبَرِنْ. Èyí lè jẹ́ ẹgbẹ̀rin, ìyẹn 800, ó sì lè jẹ́ ẹgbààrin, ìyẹn 8,000. Ìlà kẹta sọ pé ó ti san owó kan, ó ku أَغْبَتَ, tó lè jẹ́ ẹgbẹ̀ta, 600, tàbí ẹgbààta, 6,000. Owó tó san yẹn, lẹ́tà غْبَ hàn dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì àlífù tó ṣáájú ti lọ. Bí ìlà bá wà lórí àlífù, ẹgbàá ni, 2,000. Bó bá wà nísàlẹ̀, igba ni, 200.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìṣirò yanjú rẹ̀ yóò há síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rin, yọ igba, ó ku ẹgbẹ̀ta. Ẹgbààrin, yọ ẹgbàá, ó ku ẹgbààta. Méjèèjì pé, torí pé igba ni a fi ń ka àwọn ti àkọ́kọ́, ẹgbàá la fi ń ka àwọn ti ìkejì. Ẹni tó bá yan èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu lè fi ìdá mẹ́wàá péré kọ gbèsè náà, ìṣirò rẹ̀ kò sì ní í fi àṣìṣe hàn án.

Mo padà sí `bulu.png`. Ìlà kékeré kan jáde láàárín ìlà kejì àti ìkẹta, ó dábùú sókè àlífù náà gẹ́lẹ́. Àmọ́ ìlà orí àti ìlà ìsàlẹ̀ jọra bí ìbejì, ibi tó wà nìkan ló ń yà wọ́n. Ṣé ti àlífù ìsàlẹ̀ ni, àbí ti lẹ́tà tó wà lókè rẹ̀ ní ìlà kejì? Lẹ́tà kan kì í ru àmì fáwẹ́lì méjì. Mo ka àmì ìlà kejì lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀tún sí òsì: lẹ́tà tó wà lókè gan-an, yáà ni, ó ti ní ìlà tirẹ̀ lórí. Àmì náà kò lè jẹ́ tirẹ̀. Mo wo abẹ́ àlífù, ewé mọ́ níbẹ̀ nínú fọ́tò méjèèjì. Ìlà orí ni, ẹgbàá ni.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó fún mi níbi tí ojú-ìwé ti ṣẹ́ pọ̀, nítorí náà mo wá òmíràn. Ìlà kẹrin ló gbé e wá: yóò máa san أَغْبَرُنْ lóṣù, fún oṣù mẹ́fà. Dọ́mà, àmì tó dà bí wáwù yẹn, hàn kedere lórí ráà, kò lè jẹ́ «rin». Ẹgbẹ̀rún ni tàbí ẹgbààrùn-ún, 1,000 tàbí 10,000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 6,000, ìyẹn ẹgbààta. Ẹgbààrùn-ún lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 60,000, kò bá ohunkóhun mu. Bó bá sì jẹ́ 600 ló kù, ọgọ́rùn-ún ni yóò máa san lóṣù, kò sì sí ọ̀nà tí ọgọ́rùn-ún lè gbà gba lẹ́tà bá. Owó náà yanjú níbẹ̀.

Déètì rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ Alàmísì, ọjọ́ kẹjọ Rájábù, ọdún Híjírà ١٣١٨. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti jẹ etí nọ́ńbà kejì, ó lè jẹ́ 3, ó lè jẹ́ 2. Orúkọ ọjọ́ ló tú u. Ọjọ́ kẹjọ Rájábù 1318 bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1900, Ọjọ́bọ̀ sì ni. Ti 1218 bọ́ sí ọjọ́ Ajé ní ọdún 1803. Ìrísí oṣù lè fi ọjọ́ kan yẹ̀, kò lè fi mẹ́ta yẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àáfà bá kọ orúkọ ọjọ́ sí ìwé, ẹ fi yẹ ọdún wò.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, kò sì gbà. Ìlà kejì parí báyìí: «ó fi ṣe أُكُ bàbá rẹ̀». Ọkọ̀ kọ́, odò tó gba ọkọ̀ jìnnà sí Kàbbà. Ọkọ́ bàbá kan kò sì lè gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ owó ẹyọ. Oko ló kù, àti òkú. Mo kà á sókè fún àgbàlagbà méjì, ọ̀kan jẹ́ Owé, ìyẹn ọmọ Kàbbà gan-an, èkejì kàwé kéwú ní Ìlọrin, nítorí etí ẹni tó ń sọ èdè a máa gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Àáfà tó kàwé ní Ìlọrin ní òkú ni, pé ìnáwó òkú ló ń sọ ènìyàn di onígbèsè. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, torí pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ta ló ń yá owó oko nígbà náà? Mo kí bàbá Owé bí wọ́n ṣe ń kíra nílẹ̀ wọn, mo ní, «Bàbá, òkun o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan lè ná owó sí oko lásìkò yìí?» Bàbá Owé dáhùn pé, «Ebè iṣu ńkọ́? Ìgbà tí òjò bá dá la máa ń gbin iṣu tó máa tètè ta. Ẹni tí kò bá ní ọmọ lẹ́yìn yóò háyà ọwọ́.» Ẹ̀rí mi já sí asán. Mo fi òkú sí ojú ìwé nítorí «ṣe òkú» jẹ́ ọ̀rọ̀ tó délé, mo sì kọ oko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé mọ̀ pé méjì ni.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nǹkan méjì ni mo ṣọ́ra fún. «Ó» wa kò yà ọkùnrin sí obìnrin, Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ kí n yàn. Orúkọ ayáwó jẹ́ èyí tí a lè sọ ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí náà mo pe ẹni náà ní ayáwó jálẹ̀jálẹ̀. Èkejì, mi ò yí owó ẹyọ padà sí náírà tàbí pọ́n-ùn. Iye tó wà nínú ìwé ni mo kọ. Mo yọ orúkọ kúrò nínú èyí tó wà níbí:

```
In the name of God, the Merciful, the Compassionate.
The borrower took 8,000 cowries from me and used it for
  the burial [or: the farm] of the borrower's father.
2,000 has been paid; 6,000 remains.
1,000 will be paid each month for six months.
Thursday, 8 Rajab 1318 (about 1 November 1900).
```