Gbòǹgbò kan tí a rò pé ó sọnù

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àbúrò mi obìnrin gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, òfin yìí ò bá ìdáhùn mu. Ó ní gbòǹgbò tó ju òdo lọ máa jẹ́ mẹ́ta tàbí ẹyọ kan. Méjì péré ni mo rí." Gbòǹgbò ni nọ́ńbà tí a bá fi sí ipò x tí gbogbo rẹ̀ á fi di òdo. Polinómíà tí wọ́n fún wọn nìyí:

```
x^5 - x^4 - 5x^3 + 5x^2 + 4x - 4
```

Òfin tó ń wí ni èyí tí René Descartes, ará Faransé, tẹ̀ jáde ní ọdún 1637. Mo mú bírò, mo ní ká tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Agbára x ti wà létòlétò, láti 5 wá sílẹ̀, nítorí náà mo kọ àwọn àmì nìkan sórí ìlà kan. Èyí àkọ́kọ́ tí kò ní àmì níwájú, + ni:

```
+  -  -  +  +  -
```

Mo wá ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Láti + bọ́ sí −, ìyípadà kan. Láti − sí −, kò sí nǹkan kan. Láti − sí +, ó di méjì. + sí + kò yí padà, + sí − ló sọ ọ́ di mẹ́ta. Tí àmì bá yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbòǹgbò tó ju òdo lọ lè jẹ́ mẹ́ta, tàbí ká yọ méjì kúrò kó ku ẹyọ kan.

Fún àwọn tó kéré sí òdo, a fi −x sí ipò x. Agbára 5, 3 àti 1 nìkan ni àmì wọn yí; 4 tó gbẹ̀yìn dúró bó ṣe wà. Ó di − − + + − −. Ibí ni àbúrò mi ti kọ 4 sílẹ̀. Àmì àyọkúrò ló kà! Lórí ìlà àkọ́kọ́, àyọkúrò náà jẹ́ mẹ́ta, ìyẹn ni kò fi mọ̀ pé ohun tí òun ń kà kọ́ nìyẹn. Ìyípadà orí ìlà kejì yìí jẹ́ méjì: gbòǹgbò méjì, tàbí kó má sí rárá.

A wá fi nọ́ńbà dán an wò. Ní −1 àti −2, òdo ló jáde, méjì yẹn pé. Ní 1 àti 2, òdo náà ni. Ibo wá ni ẹnì kẹta wà?

Mo ní kó wá iye rẹ̀ ní òdo àti ní 1.5. Ó rí −4, ó sì rí nǹkan bíi −1.09. Ìlà gíráàfù náà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fara kan òdo ní 1, ó sì tún padà sísàlẹ̀ láì kọjá. A fi x − 1 pín polinómíà náà, ó ku x^4 − 5x^2 + 4. Mo ní kó tún fi 1 síbẹ̀: 1 − 5 + 4, òdo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni 1 jẹ́ gbòǹgbò, bí òfin náà sì ṣe ń kà á nìyẹn. 1, 1 àti 2: mẹ́ta ti pé.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bi mí pé, "Ìgbà wo ló wá máa jẹ́ ẹyọ kan?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn púpọ̀. Mo pa −4 tó gbẹ̀yìn rẹ́, mo fi −3 rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìlà gíráàfù gbéra sókè pẹ̀lú 1. Ní òdo ó jẹ́ −3, ní 1 ó jẹ́ 1, ní 1.5 ó jẹ́ nǹkan bíi −0.09, ní 2 ó tún jẹ́ 1. Ó gba orí òdo kọjá nígbà mẹ́ta, gbòǹgbò mẹ́ta tó dá yàtọ̀ síra. Mo wá kọ −5 síbẹ̀. Ìlà náà wálẹ̀, kò fara kan òdo mọ́ nítòsí 1, ó ku gbòǹgbò kan ṣoṣo tó fi díẹ̀ kọjá 2. Àwọn méjì tó wà nítòsí 1 jọ lọ pọ̀ ni, wọ́n di nọ́ńbà tó ní i nínú, ìyẹn i tí a bá fi ìlọ́po ara rẹ̀ ṣe tó ń fún wa ní −1, àwọn nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í sì í dá rìn tí iye inú polinómíà bá ti jẹ́ nọ́ńbà gidi. Ìdí tí a fi ń yọ méjì méjì nìyẹn.

Mo ní kó wo àmì polinómíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan náà ni wọ́n, + − − + + −. Àmì nìkan kò lè sọ fún wa bóyá mẹ́ta ni tàbí ẹyọ kan. A ní láti wá iye rẹ̀ káàkiri.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, x^3 + 2x − 7. Ó fo x^2 tí kò sí níbẹ̀, torí òdo kò ní àmì. Ìyípadà kan fún gbòǹgbò tó ju òdo lọ, kò sí ìkankan fún àwọn tó kéré sí òdo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ò lè yọ méjì lára ẹyọ kan." Ó fi 1 sí i, ó rí −4, ó fi 2 sí i, ó rí 5. Ó fàlà sí àárín 1 àti 2, ó ṣí ojú ìwé tó kàn.